Lẹ́tà Mẹ́ta àti Orúkọ Tó Wà Lókè

Kí ni ì bá ti ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì yẹn, ká ní lẹ́tà náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó yẹ kó lọ? Mo ti gbé ìbéèrè yìí síwájú Ọlọ́run lórí ìkúnlẹ̀, mo ti gbé e dúró nídìí abọ́ tí mò ń fọ̀, mo ti gbé e wọ bọ́ọ̀sì. Títí di òní, mi ò rí ìdáhùn. Mo gbà pé Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Ohun tí kò yé mi ni ìdí tí kò fi sọ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń jẹ lára jù.

Ẹni yẹn ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀. Ọwọ́-Yá là ń pè é nínú ìjọ wa, wọ́n sì ń pè é bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́ pẹ̀lú. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti lò nídìí ìwé títẹ̀ ní ilé ìwòsàn kékeré kan tó ní dókítà àgbà kan, nọ́ọ̀sì mẹ́ta àti apoògùn kan. Yàrá rẹ̀ ò ju ibi tí èèyàn mẹ́ta lè dúró sí lọ. Tábìlì kan wà níbẹ̀, àti àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú tí ó ká páálí sábẹ́ rẹ̀, àti fèrèsé tó kọjú sí bẹ́ǹṣì àwọn aláìsàn, àti kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí gbogbo wọn jọ ń fi kọ ímeèlì. Kí èèyàn tó sọ gbólóhùn tán, ó ti tẹ̀ ẹ́ tán. Dókítà àgbà a máa ṣẹ̀fẹ̀ pé bí òun bá wúkọ́ láàárín ọ̀rọ̀, Ọwọ́-Yá á tẹ ikọ́ náà mọ́ ọn.

Ara yíyá yìí ló jẹ́ kó má máa tẹ àdírẹ́sì kankan parí. Bó bá fẹ́ kọ̀wé sí dókítà ojú tó wà ní òdìkejì ìlú, lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ ló máa tẹ̀. Kọ̀ǹpútà á to orúkọ àwọn tó ti kọ̀wé sí rí, tí lẹ́tà mẹ́ta yẹn bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn, wálẹ̀ lábẹ́ ibẹ̀. Dókítà ojú ló máa ń wà lókè pátápátá. Ọwọ́-Yá á tẹ Ẹ́ńtà, orúkọ á wọlé, ó parí nìyẹn. Ọdún méje gbáko ló fi ṣe é. Ó ní ìka òun ló mọ̀ ọ́n, ojú òun kì í dá sí i.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń pè ní Bọ̀dá, ń wa bọ́ọ̀sì ńlá fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti wà á. Lọ́dọọdún, ilé iṣẹ́ náà máa ń kó àwọn dírẹ́bà wọn wá sí ilé ìwòsàn yìí fún àyẹ̀wò, àwọn nọ́ọ̀sì á sì ní kí wọ́n ka pátákó tó wà lára ògiri, tí wọ́n kọ lẹ́tà ńlá sí lókè tí ó ń kéré bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Pátákó yẹn kò yí padà láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e kọ́. Bọ̀dá kà á yanjú ní ọdún yìí náà, ojú ọ̀tún, ojú òsì, kò tàsé ẹyọ kan.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló wá bá àbúrò ìyàwó rẹ̀ nílé, ó ní òun fẹ́ mu omi. Ó mu omi náà tán kò lọ. Ó wá ń rẹ́rìn-ín.

“Mo mọ pátákó yín sórí, Àbúrò. Bí wọ́n bá jí mi lójú oorun, mo lè kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.”

Òun nìkan ló rín in. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé ojú ọ̀tún òun ti di bí ìgbà tí wọ́n fi aṣọ bò ó láti bí oṣù mélòó kan, àti pé tòsì pàápàá, òun kì í tètè rí ohun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò fẹ́ kí ilé iṣẹ́ gbọ́ ọ látẹnu ẹlòmíràn. Ìsinmi ọdún rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Ó fẹ́ rí dókítà ojú láàárín ìsinmi náà, kó mọ ibi tí òun dúró sí, kó wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ọ́fíìsì, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun máa kọ́ àwọn dírẹ́bà tuntun. Ohun tó ń fẹ́ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ: kó jẹ́ òun ló máa sọ ọ́.

Ọwọ́-Yá sọ fún un pé, “Ẹ wá sọ́dọ̀ wa ní Ọjọ́bọ̀, Bọ̀dá. Ẹ wá fúnra yín, kì í ṣe lórúkọ ilé iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ. Ṣebí èmi ni mò ń fi lẹ́tà ránṣẹ́.”

Ó wá lọ́jọ́ náà. Dókítà àgbà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kò lo pátákó. Ó ní ìfúnpá inú ẹyinjú rẹ̀ ti ga jù, ó sì ti pẹ́ tó ti ń ba ojú náà jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó kìlọ̀ fún un pé kó má wa ọkọ̀ mọ́. Bọ̀dá dáhùn pé òun gbọ́. Kò sọ pé òun ò ní wà á. Ọjọ́ Ẹtì ṣì wà láàárín òun àti ìsinmi rẹ̀.

Dókítà sọ̀rọ̀, Ọwọ́-Yá tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà náà ń bẹ dókítà ojú pé kó tètè gba ọkùnrin yìí wọlé. Ibi tí ó ti ń wa bọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ wà níbẹ̀, bí ojú kọ̀ọ̀kan ṣe rí wà níbẹ̀, àti gbólóhùn kan tó sọ pé ó jẹ́wọ́ pé òun há pátákó sórí. Ọwọ́-Yá so ó mọ́ ímeèlì, ó tẹ lẹ́tà mẹ́ta, ó tẹ Ẹ́ńtà, ó fi ránṣẹ́. Lójú fèrèsé, ó rí Bọ̀dá lórí bẹ́ǹṣì tó ń wọ bàtà. Ó ṣẹ́wọ́ sí i pé ó ti lọ.

Ní nǹkan bí wákàtí méjì lẹ́yìn náà, ó ṣí àwọn lẹ́tà tó ti fi ránṣẹ́ kó lè tẹ ẹ̀dà kan jáde fún fáìlì. Ibẹ̀ ló ti rí orúkọ tó wà lókè rẹ̀. Kì í ṣe ti dókítà ojú. Ti obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ni, ẹni tí Bọ̀dá fẹ́ lọ bá fúnra rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta kan náà ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn méjèèjì.

Ó ní ọwọ́ òun ò dúró. Ó rántí pé ibì kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí èèyàn ti lè béèrè pé kí lẹ́tà padà. Ó wá a rí, ó tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ tí fóònù ọ́fíìsì dún.

“Màdáàmù, mo rí iṣẹ́ tí ẹ rán pé ẹ fẹ́ gba lẹ́tà kan padà lọ́wọ́ mi,” ni ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ wí. “Mi ò tíì rí lẹ́tà náà tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n lọ wá a.”

Ọwọ́-Yá bẹ̀ ẹ́. Ó ní àṣìṣe ni, kó jọ̀ọ́ pa á rẹ́. Ó sọ fún mi pé obìnrin náà ò jágbe mọ́ òun, ohùn rẹ̀ tilẹ̀ rọ̀.

“Mo lè pa á rẹ́. Àmọ́ mo ti kà á, mi ò lè ṣe bíi pé mi ò kà á. Èèyàn mẹ́tàdínláàádọ́rin ni ọkọ̀ yẹn ń gbé.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó yẹ kó pe Bọ̀dá. Ó ní òun gbé fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òun sì gbé e sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mi ò bá a wí. Mo mọ bí fóònù ṣe máa ń wúwo.

Bẹ́ẹ̀ ni Bọ̀dá ṣe wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, tó dé ẹnu géètì, tí wọ́n sì gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ti wọ aṣọ yẹn lọ láti wa ọkọ̀. Ìyẹn dáhùn ohun kan nípa ọjọ́ Ẹtì fún wa, kò dáhùn èyí tó kù. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n kó gbogbo dírẹ́bà padà wá fún àyẹ̀wò tuntun, pátákó tuntun sì ti wà lára ògiri. Àwọn kan ń kọjá níwájú fèrèsé Ọwọ́-Yá, wọ́n ń pariwo lẹ́tà pátákó àtijọ́ bí ọmọ tó ń ka a-b-d. Ó fa kọ́tìnnì.

Ẹni tó ń bá wọn tún kọ̀ǹpútà ṣe, àgbàlagbà kan tí gbogbo wọn ń pè ní Ẹ̀njinníà, wá lọ́jọ́ Ajé. Ọwọ́-Yá bi í léèrè ìdí tí orúkọ tó ti wà lókè fún ọdún méje fi kúrò lókè lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ̀njinníà bi í léèrè ẹni tó kọ̀wé sí jù lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Ó rántí. Lẹ́yìn àyẹ̀wò ọdọọdún, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fẹ́ kí èsì dírẹ́bà kọ̀ọ̀kan wà nínú lẹ́tà tirẹ̀. Lẹ́tà méjìdínlógójì ló ti kọ sí i láàárín ọjọ́ méjì.

“Òun náà nìyẹn,” ni Ẹ̀njinníà wí. “Kọ̀ǹpútà tiyín yìí máa ń ka iye ìgbà. Ẹni tí ẹ kọ̀wé sí jù ló rò pé ẹ tún ń wá.”

Ó ní gbígba lẹ́tà padà máa ń ṣiṣẹ́ bí àwọn méjèèjì bá wà nínú ilé iṣẹ́ kan náà, tí wọ́n ń lo ètò ímeèlì kan náà, tí ẹni tó gbà á kò sì tíì ṣí i. Bó bá ti jáde lọ sí ilé iṣẹ́ mìíràn, ohun tó máa ń dé ibẹ̀ kò ju iṣẹ́ kejì tó ń sọ pé wọ́n fẹ́ gba ti àkọ́kọ́. “Bíi kéèyàn kan ilẹ̀kùn,” ó ní, “kó sọ pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ìta.” Ó rí ojú Ọwọ́-Yá, kò fi ẹ̀rín kún un.

Lẹ́yìn náà ló kọ́ ọ bí a ṣe ń yọ orúkọ kúrò. Bí orúkọ náà bá ti yọjú lábẹ́ ohun tó ń tẹ̀, kó fi ọfà sọ̀kalẹ̀ dórí rẹ̀, kó tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń pa nǹkan rẹ́, tàbí kó tẹ àmì X kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́-Yá ní ẹyọ kan kò tó, òun fẹ́ kí gbogbo wọn lọ. Ẹ̀njinníà fi ibi tí a ti ń dà wọ́n nù lẹ́ẹ̀kan náà hàn án nínú ètò ímeèlì. Kọ̀ǹpútà béèrè bóyá ó dá a lójú. Ó dá a lójú. Orúkọ ọdún mọ́kàndínlógún ló lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tẹ lẹ́tà mẹ́ta yẹn láti fi dán an wò. Orúkọ ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ tún yọ.

Ó sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ náà, ó sì ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ kí n sọ pé kì í ṣe àmì. Mo sọ fún un pé kì í ṣe àmì, àmọ́ ara mi náà ò balẹ̀. Ẹ̀njinníà ló ṣàlàyé rẹ̀ lórí fóònù. Ó ní ohun tí wọ́n dànù ni àwọn tí kọ̀ǹpútà há sórí fúnra rẹ̀. Orúkọ yìí, ẹnì kan ti kọ ọ́ sínú ìwé àdírẹ́sì, ibẹ̀ sì yàtọ̀. Àfi kí wọ́n yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọwọ́-Yá ṣí ìwé àdírẹ́sì náà. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, kí iṣẹ́ lè yá. Ó yọ ọ́.

Àwọn yòókù níbi iṣẹ́ kùn, torí wọ́n ní láti máa tẹ gbogbo àdírẹ́sì délẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ṣi ọ̀kan tẹ̀, ímeèlì rẹ̀ sì padà sí i lọ́wọ́ pé kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà bínú. Ọwọ́-Yá jókòó ti ímeèlì tó padà yẹn, ó ń wò ó. Ó sọ fún mi pé, “Màmá, ṣé ẹ rí i, èyí tí ọwọ́ èèyàn fi àṣìṣe kọ padà wálé. Èyí tí kọ̀ǹpútà bá mi mú, ilé onílé ló wọ̀, ó sì jókòó.”

Nínú ìjọ, ọ̀rọ̀ náà ti tàn ká kó tó di ọjọ́ Ìsinmi. Alàgbà kan dìde, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó gba ẹ̀mí mẹ́tàdínláàádọ́rin là nípasẹ̀ àṣìṣe arábìnrin kan. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Èmi náà ṣe é. Ọwọ́-Yá jókòó níwájú mi, mo sì rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tó le. Nígbà tí a jáde, ó bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, “Bó bá jẹ́ Ọlọ́run ló ṣe é, Màmá, ṣé kò rí ọ̀nà mìíràn tí kò ní sọ ìlérí mi di irọ́?”

Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ó mọ́ mi lára láti dáhùn ìbéèrè. Mo ní ọ̀nà rẹ̀ ga ju tiwa lọ. Òótọ́ ni, mo sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo mọ̀ pé ìgbà tí mi ò bá mọ ohun tí mo fẹ́ sọ ni mo máa ń sọ ọ́. Mo gbàdúrà fún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì rí i pé ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni mò ń bẹ̀. Mò ń bá Ọlọ́run ṣẹjọ́.

A jọ lọ sílé Bọ̀dá lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Dókítà ojú ti gbà á wọlé nígbà tí lẹ́tà tòótọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ó ní ohun tó ti lọ nínú ojú yẹn kò ní padà, iṣẹ́ abẹ kàn máa di ìyókù mú ni. Bọ̀dá kò ní wa ọkọ̀ mọ́ láé. Ẹ̀gbọ́n Ọwọ́-Yá ṣílẹ̀kùn fún wa, ó kí èmi káàbọ̀, ó gba báàgì lọ́wọ́ mi. Ó kọjá lára àbúrò rẹ̀ bí ẹni tó kọjá lára àga.

Bọ̀dá wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n fi ìbòjú bo ojú kan. Ó ní kí Ọwọ́-Yá jókòó sápá òsì, torí bó bá jókòó sọ́tùn-ún, òun á rò pé kò wá. Ọwọ́-Yá kúnlẹ̀, kò jókòó. Bọ̀dá wá sọ̀rọ̀.

“Dìde. Mi ò bínú pé wọ́n gbọ́. Wọ́n á gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan. Àmọ́ mo dé géètì lọ́jọ́ yẹn, gbogbo wọn ti mọ̀, èmi nìkan ni mi ò mọ̀ pé wọ́n mọ̀. Ìwọ ní nọ́ńbà mi.”

Ọwọ́-Yá dìde, ó jókòó sápá òsì rẹ̀. Láti ilé ìdáná ni a ti ń gbọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣí omi, tó ń pa á, tó tún ń ṣí i.

Bọ̀dá wá fa ìwé kan yọ lábẹ́ ìrọ̀rí. Ìwé dókítà ojú ni, tó sọ pé ó lè ṣe iṣẹ́ tí kò ní ọkọ̀ wíwà nínú. Ó fẹ́ kí wọ́n fi lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ kún un, kó lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́, pé kí wọ́n fún òun ní iṣẹ́ kíkọ́ àwọn dírẹ́bà tuntun tí òun ti fẹ́ béèrè. Wọ́n fẹ́ pinnu ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ náà, ímeèlì sì ni wọ́n ní kó gbà fi í ránṣẹ́. Òun ò ní ímeèlì.

“Ìwọ ni kó o bá mi kọ ọ́, Àbúrò,” ó ní. “Ìwọ lo mọ ọ̀nà ibẹ̀.”

Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀fẹ̀ ni tàbí ẹ̀san. Mo rò pé òun náà ò mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ọwọ́-Yá ní kí n wá bá òun níbi iṣẹ́ nígbà tí àwọn aláìsàn bá ti lọ. Bẹ́ǹṣì ti ṣófo, wọ́n ti nu ilẹ̀. Ó ti kọ lẹ́tà náà, ó dára, kò ṣàwáwí kankan nínú rẹ̀. Ó ti so ìwé dókítà ojú mọ́ ọn. Ibi tí àdírẹ́sì yẹ kó wà nìkan ló ṣófo. Ó tẹ lẹ́tà mẹ́ta náà. Kò sí orúkọ kankan tó yọ. Ó ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó sì wá di dandan kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ gbogbo àdírẹ́sì tó ti sapá jù lọ láti gbàgbé, láti inú ìwé kan tó gbé kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà.

Ó tẹ̀ ẹ́ tán. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n sí Ọwọ́-Yá, mo jókòó tì í títí tíì tó mú wá fún mi fi tutù. Ó kà á, ó tún un kà. Ó gbé ọwọ́ lé ibi tí a ń tẹ̀ kó lè lọ, ó gbé e kúrò. Ó dìde lórí àga ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú yẹn, ó sì fà á sọ́dọ̀ mi.

“Màmá,” ó ní, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi awò ojú yín sí i. Ẹ bá mi ka orúkọ tó wà lókè yẹn, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ kà á sókè. Tó bá jẹ́ òun ni, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́.”